Mítà Tó Lé Lórí Aago Ọmọ́fẹ́

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá, kò tíì sí ohun tó bí mi nínú tó aago tí Akíndúró fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ láti Kánádà. Kì í ṣe pé mo kórìíra aago. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí nǹkan tí a dè mọ́ ọrùn ọwọ́ máa pè mí ní onírọ́ lójú gbogbo ọmọ tí mò ń kọ́.

Ọmọ́fẹ́ ni wọ́n fi aago náà, tó máa ń ka iye mítà tí ènìyàn bá sá, ránṣẹ́ sí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún mítà ló máa ń sá. Lórí pápá wa nítòsí Ring Road, ìyípo méjìlá ààbọ̀ nìyẹn, nítorí ìyípo kan jẹ́ irinwó mítà. Èmi fúnra mi ti sáré lórí pápá yẹn láwọn ọdún 1990, kí ẹnikẹ́ni tó máa fi rọ́bà pupa bò ó. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé kan, a sá eré ìdánwò, Ọmọ́fẹ́ sì ṣe ipò kẹta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́wọ́, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n wò ó. Aago ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún mítà àti àádóje ló sá.

Mo ní kí ó lọ sọ fún aago rẹ̀ kó padà lọ kọ́ ìṣirò. Àwọn ọmọ tó kù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kóòṣì mà, nígbà tí aago sọ pé mo pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún, àsìkò tí mo lò dára tó ti Sẹ̀gilọlá tó ṣe ipò kìíní. Ìlà ìparí ló ṣì jìnnà sí mi."

Mo dá a lóhùn pé wọn kì í fún aago ní àmì ẹ̀yẹ. Mo tún sọ̀rọ̀ mìíràn tó le ju ìyẹn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Inú mi kò dùn sí ara mi, ẹnu mi kò sì dákẹ́.

Mo mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ alàgbà ní ìjọ Aládùúrà kan ní Agbowó, ti bá a ṣe àdéhùn. Ìdíje ìṣàyàn tó ń bọ̀ ni yóò jẹ́ ti ìkẹyìn. Ẹni méjì péré ni wọn yóò mú nínú eré tirẹ̀ tí yóò lọ ṣojú ìpínlẹ̀. Bí Ọmọ́fẹ́ bá wà nínú wọn, bàbá kò ní bá a sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mọ́. Bí kò bá sí, yóò so bàtà kọ́, yóò sì lọ gba iṣẹ́ tí wọ́n ti bá a wá sí ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Bàbá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe ipò kẹta fún ìgbà pípẹ́, ta ni kò ní sú? Èmi náà sì ń wò ó pé bí ọmọ yìí bá lọ, n kò ní rí irú rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹn, n kò lè jókòó sójú kan. Mo gbá ilé, mo tún ilé gbá. Mo jáde lọ sí Bódìjà láti ra ata, mo padà dé láìra ata. Ọ̀rọ̀ àádóje mítà yẹn ń yí mi lórí ṣáá. Bí aago bá ń purọ́, kí ló dé tó fi ń purọ́ sápá ibì kan náà nígbà gbogbo? Òpùrọ́ gidi a máa dín, a sì máa lé. Èyí kò dín rí látìgbà tí Ọmọ́fẹ́ ti ń fi í sáré.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba aago náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dè é mọ́ ọwọ́ ara mi. Mo dúró títí ó fi ní òun ti rí àwọn sátẹ́láìtì tí òun fi ń mọ ibi tí òun wà lójú ọ̀run, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jẹ́jẹ́. Mo fara mọ́ etí inú léènì kìíní bí ẹni tó ń tọ bèbè gọ́tà. Nígbà tí mo yí pápá po tán, aago fi mítà bíi mẹ́rin lé irinwó. Mo tún lọ, kò yàtọ̀ púpọ̀. Mo wá bọ́ sí léènì kẹjọ, tó wà lóde pátápátá, mo yí po lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó fi lé irinwó níbẹ̀ ju àádọ́ta mítà lọ.

Mo dúró lórí pápá, mo ń rẹ́rìn-ín ara mi. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ìdí tí a fi ń to àwọn tó ń sá irinwó mítà ní ìpele ìpele nìyẹn, tí ẹni tó wà lóde yóò dúró síwájú ẹni tó wà nínú. Irinwó mítà tí à ń pe pápá, etí inú léènì kìíní nìkan ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Léènì kọ̀ọ̀kan tí o bá bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀, o ti fi mítà bíi méje ààbọ̀ kún ìyípo kan. Kọ́nà ló ń fi í kún un. Ní ibi tí ọ̀nà ti lọ gbọọrọ, bó o wà nínú, bó o wà lóde, ọgbọọgba ni.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń to àwọn tó ń sá ẹgbẹ̀rún márùn-ún bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ya wọ inú, ẹni tó bá sì dúró lóde yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ san án. Ìyípo ni mo ti ń kà láti ọdún pípẹ́ wá, mo sì ń pe ìyípo ní mítà. Ìyẹn ni gbogbo àwa kóòṣì máa ń ṣe. A ó dúró síbi ìlà ìparí pẹ̀lú aago lọ́wọ́, a ó máa ka ìyípo, ibi gbọọrọ nìkan la ó sì máa rí dáadáa.

Nítorí náà, nígbà tí a tún pàdé, mo gbé aago ìkàsìkò fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, èmi lọ dúró sí kọ́nà tó jìnnà jùlọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n ń bọ̀, Sẹ̀gilọlá ló ṣáájú, Ọmọ́fẹ́ wà láàárín. Bí wọ́n ṣe kan kọ́nà báyìí, Ọmọ́fẹ́ yà bàrá kúrò nínú ọ̀wọ́, ó bọ́ sí léènì kejì, ó ń bá èjìká wọn lọ bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan léènì kẹta. Bí kọ́nà bá tán, á tún rọra padà wọlé, a ó sì rí i níbi ìlà bí ẹni tí kò kúrò nínú rí. Ìyípo kan, ìyípo kejì, bákan náà ló ń ṣe é.

Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bi í léèrè. Kò kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbà tí mo fi ìka tọ́ ọ̀nà tó gbà hàn án lórí pápá ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ó fi àpá kan hàn mí ní ọrùn ẹsẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, wọ́n há a mọ́ etí inú ní kọ́nà, ẹnì kan fi bàtà eré sísá tó ní irin ṣóńṣó nísàlẹ̀ gún un, ó ṣubú lu bèbè, egungun sì dá.

Ó ní, "N kò mọ̀ pé mo ṣì ń sá fún un, mà."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ọ̀kùn, sísá ni yóò sá. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Mo sọ fún un pé aago rẹ̀ kò purọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Ṣe ni ó ń fi àmì síbi tó bá rò pé ó wà, tó sì ń fi ìlà so àwọn àmì náà pọ̀. Àmì kan á ṣìnà díẹ̀ sápá ọ̀tún, òmíràn á ṣìnà sósì, ìlà náà á máa wọ́ bí ejò, ohun tó bá wọ́ sì gùn ju ohun tó tọ́. Ibẹ̀ ni mítà díẹ̀ tó lé nígbà tí èmi náà dè é mọ́ ọwọ́ ti wá. "Ìyẹn jẹ́ ti aago," mo ní. "Ìyókù jẹ́ tìẹ."

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kó àwọn ọmọ yí i ká nínú léènì kìíní, ní jẹ́jẹ́ ná, kó tó di kíákíá. Mo ní kó má ya jáde ní kọ́nà rárá, bó bá fẹ́ kọjá ẹnìkan, kó dúró de ibi gbọọrọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sunkún. Ó ń na ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tí oyin lé. Èmi náà ń rìn síwá-sẹ́yìn létí pápá, mò ń jẹ èékánná bí ẹni tí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, iye tó lé lórí aago ń rẹlẹ̀. Ó bọ́ sí àádọ́rùn-ún, ó bọ́ sí àádọ́rin. Nígbà tó kan àádọ́ta, kò kúrò níbẹ̀ mọ́, mo sì sọ fún un pé kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún sátẹ́láìtì.

Ọjọ́ ìdíje pé. Bàbá rẹ̀ wá, ó jókòó sókè nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó káwọ́ gbera. Mo kí i, ó dáhùn. Mo kúrò níbi ìlà ìparí, mo lọ síbi kọ́nà tèmi.

Àwọn olùsáré pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbọn dún, gbogbo wọn rọ́ wọ inú. Ọmọ́fẹ́ wà níbẹ̀ láàárín wọn, mọ́ etí inú. Ní ìyípo keje, níwájú mi gan-an, mo rí i tí wọ́n há a mọ́ bèbè. Ọmọ kan láti ẹgbẹ́ mìíràn já sí iwájú rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ọmọ́fẹ́ ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, apá rẹ̀ fò sókè. Mo mọ̀ pé yóò ya jáde báyìí, n kò sì ní lè dá a lẹ́bi. Kò yà. Ó kó ìgbésẹ̀ rẹ̀ jọ, ó ń tọ etí inú lọ.

Ní ibi gbọọrọ tó kẹ́yìn, ó jáde wá. Sẹ̀gilọlá ti jìnnà kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, ó sì wọ ìlà ṣáájú. Ọmọ́fẹ́ bá ẹni tó wà ní ipò kejì, wọ́n jọ ń jà á, èmi sì ń sáré bọ̀ láàárín pápá bí ìyá arúgbó tí ewúrẹ́ rẹ̀ já okùn. Èjìká rẹ̀ ló fi ṣáájú onítọ̀hún. Ipò kejì.

Mo bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀ wá. Mo di ọwọ́ Ọmọ́fẹ́ mú, mo wo aago, mítà márùndínláàádọ́ta ló fi lé e. Mo fẹ́ fi hàn án, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ sórí rọ́bà pupa náà, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ti di pupa láti ọrùn ẹsẹ̀ wálẹ̀, lójú àpá àtijọ́ yẹn gan-an. Ó bi í léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n gún un.

"Ìyípo keje, bàbá mi," ló wí.

Bàbá kò bá a sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó tú okùn bàtà náà, ó bọ́ ọ jẹ́jẹ́, ó sì gbé bàtà ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà aṣọ funfun rẹ̀.