Ààyè Ìka Kan

Ìyá Aránṣọ kò sunkún lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún nígbà tí àwọn ìyàwó ilé jókòó tì í, tí wọ́n ń wò ó lójú bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò tó fẹ́ hó. Ara rẹ̀ kàn kú ni. Ó ń jẹun, ó ń dáhùn bí wọ́n bá kí i, ó sì ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀ pé òun á bá a gé aago ọwọ́ rẹ̀ kù kó má baà máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń fi dọ̀la títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìlérí ò mọ̀ pé ẹnì kan ti kú. Ó di aago náà sínú áńkáṣífù, ó mú òwú pupa tó fi wọn ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Aláago lọ.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé gíga kan ni ṣọ́ọ̀bù bàbá náà wà. Aago kún ara ògiri rẹ̀, kò sì sí méjì tí ẹnu wọn kò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gé ẹ̀wọ̀n aago yìí kù. Ìwọ̀n rẹ̀ rèé."

Bàbá tẹ́ òwú náà sórí rúlà, láti kókó kan dé èkejì. "Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún. Ṣé ọwọ́ ọmọdé ni?"

"Ọwọ́ ọkọ mi ni."

"Kí ló dé tí kò wá fúnra rẹ̀? Ẹ ò gbọdọ̀ máa rán òwú níṣẹ́ ọrùn ọwọ́, ìyá. Ọrùn ọwọ́ máa ń wú tí ooru bá mú, ó sì máa ń fọn tí òtútù bá dé."

"Tirẹ̀ kò ní wú mọ́, sà."

Bàbá gbójú sókè lórí awò rẹ̀. "Háà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Kò bi í pé kí ni olóògbé fẹ́ fi aago ṣe. Aago ni iṣẹ́ tirẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí fún mi. Ṣé òwú yìí lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ni, àbí ẹ fi ààyè sílẹ̀? Tó bá lẹ̀ mọ́ ara, mo ní láti fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan kún un. Irin kì í nà. Tó bá fún jù, á máa ge èèyàn lára. Tó bá dẹ̀ jù, á máa yí kiri, ojú aago á wá máa wo ilẹ̀. Tí ìka ọmọńdinrín bá ti lè wọ abẹ́ ẹ̀wọ̀n, ó ti dáa."

Ìyá Aránṣọ wo òwú náà lórí rúlà. Ó rántí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ń fa òwú yí ọrùn ọwọ́ náà ká, ọkọ rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu: "Ìwọ obìnrin yìí, aṣọ ti gbà ọ́ lórí. Má fún mi pa o." Ọkọ rẹ̀ wá fi ìka ọmọńdinrín ọwọ́ rẹ̀ kejì bọ abẹ́ òwú. "Báyìí ni kó rí, kí n lè máa mì í." Ọkùnrin náà kì í sọ aago tó lù láìkọ́kọ́ mi ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ̀wọ̀n náà dún ṣáká.

"Ààyè ti wà níbẹ̀," ni ó wí. "Ìka rẹ̀ wà nínú òwú nígbà tí mo ta kókó."

"Ó dáa. N kò ní fi nǹkan kan kún un."

Bàbá wo àmì ọfà tí wọ́n fín sínú ẹ̀wọ̀n, ó sì ń ti píìnì jáde síbi tí ọfà kọjú sí. Bó ṣe yọ ẹyọ irin kan lápá ọ̀tún ló ń yọ ọ̀kan lápá òsì, kí ìdè rẹ̀ lè jókòó sí àárín abẹ́ ọwọ́. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù..." Ó rántí pé obìnrin wà níwájú òun, ó gbé ìyókù mì.

Àwọn ẹyọ irin ń bọ́ sínú àwo. Ìyá Aránṣọ ń wò wọ́n. Kò sí oníbàárà tó lè fọn díẹ̀ kí òun aránṣọ má fi ojú lásán mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà àìsàn ọkọ rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń sọ fún àwọn tó wá kí i pé ara rẹ̀ ti ń yá.

"Ẹ mú ọwọ́ wá, kí n wò ó bóyá ìdè rẹ̀ ń dé."

Ó na ọwọ́ òsì. Ìdè náà dé. Bàbá ní, "Ẹ wò ó, bí ẹni pé ọwọ́ yín gan-an la fi wọ̀n ọ́n."

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ó fi aago yìí ṣeré rí. Ó yọ̀ dé ìgbúnwọ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ọwọ́ ńlá yẹn ló wá kéré tó tirẹ̀ yìí, kó tó lọ.

Ó mi ọwọ́. Ẹ̀wọ̀n náà dún ṣáká. Ó fi ìka ọmọńdinrín rẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, síbi tí ti ọkọ rẹ̀ ti wà, ìka náà sì wọlé.

"Ṣé ó fún yín ni, ìyá?"

"Rárá, sà. Kò fún."

Ìgbà náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí gíláàsì aago náà. Kò nù ún, kò sì yọ ìka rẹ̀.