Títí Ayé Ẹ̀kọ́ Náà

Ọjọ́ tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun ló ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń gé aṣọ àti bí a ṣe ń rán an nínú fídíò. Ọ̀nà méjì la lè gbà sanwó wọlé: ọdún kan, tàbí títí ayé.

"Títí ayé kẹ̀?" ó ní. "Mú olọ́dún kan jàre. Èyí tí kò bá yé ẹ, ṣebí inú ilé kan náà la jọ wà? Wá bi mí."

Mo mú olọ́dún kan. Oṣù mẹ́fà ò tíì pé tí ikú fi mú un lọ.

Láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ ni mo fi ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ogún ni ẹ̀kọ́ náà. Mo wo mọ́kàndínlógún ní àwòtúnwò. Mi ò ṣí ìkẹyìn rárá. Bí mo bá wò ó, kí ló tún kù tó máa sọ fún mi?

"Ìwọ àti fóònù yìí," Bọ́tìnnì, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wí, "ọjọ́ wo nìgbéyàwó?"

Lónìí ni ọdún náà pé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ti ẹ̀kọ́ náà mọ́ mi. Aago mẹ́ta kọjá ni mo pe iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì tí ẹ̀kọ́ náà wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ tèmi di títí ayé."

"Ó ṣeé ṣe, mà," obìnrin tó gbé ìpè mi dáhùn. "Àmọ́ títí ayé ẹ̀kọ́ náà ni o, kì í ṣe títí ayé yín. Bó bá ṣe pẹ́ tó lórí ìkànnì wa ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fídíò tuntun máa rọ́pò ti àtijọ́. Ẹni tó ní títí ayé á rí i láìsan kọ́bọ̀ kún un."

"Ohùn ta ló wà nínú tuntun?"

"Olùkọ́ mìíràn ni, mà. Ó mọṣẹ́ gan-an."

"Ti àtijọ́ ńkọ́? Ṣé mo lè gbà á sórí fóònù mi?"

"A ò gbà bẹ́ẹ̀, mà." Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀kọ́ kan ṣì kù fún yín. Tí aago márùn-ún bá lù tí ẹ ò tíì wò ó, ẹ ò ní gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gbà á, tiyín ni. Ọdún yín tó parí kò kàn án."

Mo ṣí ẹ̀kọ́ ìkẹyìn náà. Ẹ̀kọ́ lórí fífi apá sí aṣọ ni. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lórí aṣọ bíi pé ó ń tu ọmọ tó ń sunkún nínú. Nígbà tó parí, ó gbàgbé pé ayàwòrán iléeṣẹ́ náà tó wá sílé wa kò tíì pa kámẹ́rà. Ó yíjú sẹ́yìn.

"Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?"

Ohùn tèmi dáhùn láti yàrá kejì: "Mo ń bọ̀!"

Fídíò náà parí níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yọ: orúkọ mi lókè, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀.

Ní aago márùn-ún, ojú ìkànnì náà tún ń bi mí: ọdún kan, tàbí títí ayé?

"Mo ti jẹun," ni mo dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn.

Bọ́tìnnì gbójú sókè, ṣùgbọ́n kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.