Ìdáhùn Tó Bára Mu

Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ ìṣirò wọn lẹ́yìn. Àwọn olùkọ́ yòókù ti gba pátákó funfun, òun nìkan ló ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ni, tí eruku rẹ̀ fi máa ń wà létí aṣọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí i. Ohun tó máa ń bí i nínú ni kí ẹnì kan jí ìdáhùn ẹlòmíì wò nínú ìdánwò. Tọ́rọ̀ bá di ìyẹn, kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Nínú ìdánwò ọdún tó kọjá, ó fi ìbéèrè kan sí ìparí, tó bá wu akẹ́kọ̀ọ́ kó ṣe é, tí kò bá wù ú kó fi í sílẹ̀. Ẹ dífáréńṣíéètì x²e²ˣ nígbà mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìkẹwàá, bébà á tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà kan wà tó ti kọ́ wọn. Nǹkan méjì la fi ń sọ ara wọn di púpọ̀ níbẹ̀, x² àti e²ˣ. Wàá kọ́kọ́ fi x² sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o dífáréńṣíéètì e²ˣ nígbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, wàá ṣe x² lẹ́ẹ̀kan, kí èkejì gba mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn, x² á gba méjì, èkejì á gba mẹ́jọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, x² ti di òdo, kò sí nǹkan mọ́. Iye tí wàá fi sọ ìkọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ni 1, 10 àti 45, àwọn nọ́ńbà kan náà tó máa ń jáde téèyàn bá tú a+b tí wọ́n gbé sí agbára mẹ́wàá.

Púpọ̀ nínú wọn sá fún ìbéèrè náà. Àwọn tí kò sá, ìdáhùn tó wà nínú ìwé tí olùkọ́ fi ń ṣe máàkì ni ọ̀pọ̀ wọn kọ: 1024x² pẹ̀lú 10240x pẹ̀lú 11520, e²ˣ sì ń sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀. Àwọn méjì péré ló kọ 23040 níbi tó yẹ kí 11520 wà.

Àwọn méjèèjì sì ń gbé yàrá kan náà. Ọ̀kan gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é. Èkejì kì í bọ́ gíláàsì kúrò lójú, wọ́n ń pè é ní Onígíláàsì. Ọ̀kan jókòó sẹ́yìn èkejì lọ́jọ́ ìdánwò náà.

Ìyá Ṣọ́ọ̀kì gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Èèyàn méjì lè gba ìbéèrè kan kí ìdáhùn wọn bára mu, ìyẹn kò ṣe nǹkan. Àmọ́ kí èèyàn méjì ṣìnà, kí wọ́n sì bá ara wọn pàdé níbi kan náà gan-an, ta ló máa sọ ìyẹn fún un tó máa gbà?

Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdánwò lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wọ́n, olórí ẹ̀ka ìṣirò ló jókòó sáàárín, Ìyá Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé nìkan.

"Báwo lo ṣe rí 23040?" olórí ẹ̀ka bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè kọ ọ́ sórí pátákó? Ibi tí x² ti gba méjì ni. Tí ẹ bá lè jẹ́ kí n, mà..."

"A ò wá kọ́ ìṣirò níbí," Ìyá Ṣọ́ọ̀kì dá a lẹ́nu. "Èmi ni mo kọ́ ẹ ní èyí tí o fẹ́ kọ́ mi. Ta ló wo ti ta? Ohun tá a fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Ọmọ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó mọ ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀: wọ́n ti kìlọ̀ fún Onígíláàsì lọ́dún tó ṣáájú pé tí wọ́n bá tún rí ẹjọ́ kankan lọ́rùn rẹ̀, ilé ló kù.

"Èmi ni mo wo tiẹ̀," ó ní. "Kò mọ̀ sí i."

Wọ́n ní kó lọ sílé fún odindi ọdún kan. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì jáde níbẹ̀ bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó tiẹ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ọmọ náà ṣì ní ẹ̀rí ọkàn díẹ̀, ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, Ìyá Ṣọ́ọ̀kì rò ó pé àwọn ti ọdún tó kọjá há a sórí láìmọ ìdí rẹ̀. Ó pinnu láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dífáréńṣíéètì x²e²ˣ nígbà mẹ́ta lásán, kí àwọn kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn wá lo ọ̀nà àbùjá, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i pé ibì kan náà ni méjèèjì já sí.

Ó kọ ọ́ sápá òsì pátákó. Lẹ́ẹ̀kan, 2x² pẹ̀lú 2x. Lẹ́ẹ̀kejì, 4x² pẹ̀lú 8x pẹ̀lú 2. Lẹ́ẹ̀kẹta, 8x² pẹ̀lú 24x pẹ̀lú 12, e²ˣ wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ sápá ọ̀tún. Àwọn nọ́ńbà tó máa lò ni 1, 3, 3, 1. Ó kọ 8x², ó kọ 3 lọ́nà 2x lọ́nà 4, ìyẹn 24x. Ó kọ 3 lọ́nà 1 lọ́nà 2, ìyẹn 6. Ìkẹrin di òdo. Ó yíjú padà sí wọn.

"Ṣé ẹ rí i pé wọ́n bára mu?"

Ọmọbìnrin kan ní iwájú gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun.

"Mà, 12 wà lọ́hùn-ún, 6 wà níbí."

Ìyá Ṣọ́ọ̀kì wo òsì, ó wo ọ̀tún.

"Bóyá torí pé tá a bá dífáréńṣíéètì x² lẹ́ẹ̀mejì, 2 ló máa kù, mà," ọmọ náà ní. "Ẹ kọ 1."

Òótọ́ ni. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì pa 1 rẹ́, ó kọ 2. Ó rí ibi tí 1 náà ti wá kó tó sọ ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀. Nígbà kan rí, ìdajì x² ló máa ń lò fún àpẹẹrẹ yìí, 1 ló sì máa ń kù níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìdajì ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ, ó sọ ọ́ di x² nínú ìwé rẹ̀, ó tún ibi méjì àkọ́kọ́ ṣe, ó gbàgbé ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ wọn lọ́dún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ìwé máàkì.

Ní ti ìbéèrè ìdánwò náà, 45 lọ́nà 2 lọ́nà 256 ni, ìyẹn 2 tí wọ́n gbé sí agbára mẹ́jọ. Kò nílò bébà. 23040.

Ó parí ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tó gba máàkì, àṣìṣe rẹ̀ ni wọ́n há sórí. Àwọn méjì tó lo orí ara wọn, òun ló pè wọ́n ní olè. Ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ ọ́ sórí pátákó.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, Ìyá Ṣọ́ọ̀kì kàn ń wò ó láìjẹ ẹ́.

"Oúnjẹ yìí ò ṣẹ̀ ẹ́ o," ọkọ rẹ̀ ní. "Kí ló dé tó o fi ń wò ó báyẹn?"

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn kan ń sọ sí i nínú pé ọmọ náà ṣáà jẹ́wọ́, pé ọdún náà ti ń lọ sópin, ta ló máa padà wo 1 àti 2? Ìtìjú tún bò ó nítorí pé ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nínú òun tó bẹ́ẹ̀.

Níkẹyìn, ó wọ ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka, ó sì kọ ọ́ sórí bébà níwájú rẹ̀. Bàbá náà bọ́ gíláàsì, ó nu ojú.

"Ọmọ yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wò ó."

"Kí ló fẹ́ wò, sà? Ohun tó kọ tọ̀nà."

"Tá a bá ṣí èyí, gbogbo ìwé ìdánwò yẹn la máa tún ṣe. Àwọn tó ti yege máa pàdánù máàkì. Orúkọ tìẹ náà ńkọ́? Ìwé ìgbéga rẹ wà lórí tábìlì àwọn ọ̀gá báyìí."

"Mo mọ̀, sà."

"O ò ṣe fi í sílẹ̀?"

"Mi ò lè sùn, sà."

Olórí ẹ̀ka mí kanlẹ̀, ó fa bébà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, Ìyá Ṣọ́ọ̀kì lọ wá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ. Ilé ìfọṣọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ti bá a, níbi tó ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, tí ooru mú kí òógùn máa ṣàn lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sáré gbé àga wá, ó ń nù ún, ó ń kí olùkọ́ kú ìrìn. Kíkí yẹn dun Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ju èébú lọ.

Kò jókòó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ń lọ aṣọ lé.

"23040 tọ̀nà," ó ní. "Èmi ni mo ṣì í. Mo ṣì í nígbà tí mo ń kọ́ yín, mo ṣì í nínú ìwé máàkì. O fẹ́ fi hàn mí, mi ò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, má bínú."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù dúró kó má bàa jó aṣọ.

"Mo mọ̀, mà. Mo fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo délé, títí dé ìkẹwàá. Nǹkan kan náà ló ń jáde."

"Kí ló dé tí o kò padà wá?"

"Mo ti ní mo wò ó, mà. Ta ló máa gbà mí gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dúró pẹ̀lú àkísà tó fi ń nu àga, ó ń wo olùkọ́. Kò kí i mọ́.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?" Ìyá Ṣọ́ọ̀kì bèèrè.

"Kì í gbé fóònù mi mọ́. Ó gbà pé òótọ́ ni mo wo tòun. Ó ní mo fẹ́ kó bá òun." Ọmọ náà fa ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà gún. "Ìyẹn ló dùn mí jù, mà. Ilé tí wọ́n ní kí n wá ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí."



Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n pa ẹjọ́ náà rẹ́, wọ́n tún ìwé ìdánwò ṣe. Wọ́n dá ìwé ìgbéga Ìyá Ṣọ́ọ̀kì padà. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó lọ sí kíláàsì àwọn ti ọdún tó kọjá, ó dúró níwájú wọn, ó kọ ibi tí òun ti ṣì í sórí pátákó, ó sì sọ fún wọn pé ẹni tó ní òun jí ìdáhùn wò kò jí nǹkan kan, pé ó fi orúkọ ara rẹ̀ bo ẹlòmíì ni. Onígíláàsì jókòó sẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ pátákó, lẹ́yìn náà ó bọ́ gíláàsì, ó kó ìwé rẹ̀, ó sì jáde láìtọrọ àyè. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì kò pè é padà. Kò mọ̀ bóyá ilé ìfọṣọ ló gbà lọ, kò sì ní ojú tó fi máa bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà wá, ó fi ọdún kan rẹlẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n pàdé ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ náà tẹríba kí i bí àwọn yòókù ṣe ń kí i, kò fi sí i, kò yọ kúrò.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ó ní.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé, ó wá ìjókòó kan nítòsí fèrèsé. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì dúró díẹ̀ sí i níta kó tó lè tẹ̀ lé e wọlé.