Ìbéèrè Tó Fi Bírò Yí Ká

Tíṣà àgbà ń tẹ́ ibùsùn lọ́wọ́ nígbà tí àwòrán náà wọ orí fóònù rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fi ránṣẹ́. Ọ̀la ni ọmọ náà máa tún ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ṣe. Bó bá tún fìdí rẹmi, ṣọ́ọ̀bù bàtà ìyá rẹ̀ ló ń padà sí, bàtà sì ti sú u.

Odindi ojú ìwé ìṣirò òògùn ni, ìbéèrè méjìlá. Ọmọ náà fi bírò pupa yí mẹ́ta ká: ìkẹta, ìkeje, ìkẹsàn-án. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe àwọn tí mo yí ká."

Ọkọ Tíṣà na ọrùn wo fóònù.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní, ṣe gbogbo ẹ̀ tán fún un. Ọmọ wa ni."

"Ọmọ wa ni, àmọ́ ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí."

"Ṣé oore ń pọ̀ jù ni?"

"Ẹni tí eyín kan ń dùn, ṣé gbogbo eyín ẹnu ẹ̀ lẹ máa yọ?"

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu ìyàwó òun mú ju abẹ lọ.

Ìkẹta kò le. Ìkeje ní kí wọ́n lo òògùn inú ìkẹfà, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò yí ìkẹfà ká. Tíṣà ka ìkẹfà, ó mú ohun tó nílò níbẹ̀: mílígíráàmù 125 wà nínú mílílítà 5. Ọmọdé inú ìkeje gbọ́dọ̀ lo mílígíráàmù 200. Ó fi 125 pín 200, ó sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, ó bọ́ sí mílílítà 8. Ohun tí ìkẹfà fúnra rẹ̀ ń béèrè, kò dáhùn ún. Ó ṣe ìkẹsàn-án náà tán.

Ìkọkànlá ló rú u lójú. Ìlà kan yí i ká, àmọ́ kò pupa. Ó pe ọmọ náà.

"Ìkọkànlá ńkọ́? Ṣé o yí i ká ni?"

"Rárá o, Àǹtí! Àpá ìdí ife tíì mi ni."

"Ọ̀bùn! Gbé ife kúrò lórí ìwé."

Ọkọ dá sí ọ̀rọ̀ náà látẹ̀yìn: "Èmi á kúkú bá ọ fi àwọn tó kù kún un!"

Ọmọ náà fi igbe ta. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fi kún un! Àwọn yẹn ni mo fẹ́ fi dán ara mi wò nísinsìnyí. Tí mo bá ti rí ìdáhùn, kí ni mo tún fẹ́ dán wò?"

Ọkọ Tíṣà lọ jókòó.

Tíṣà fi ìdáhùn mẹ́ta ránṣẹ́, ó sì fi nọ́ńbà inú ìwé sí wọn kí ọmọ má baà wá wọn kiri. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àwòrán mìíràn dé. Ọmọ náà ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án tó kù. Ìkejìlá nìkan ló yí ká.

"Ibí nìkan ni mo ti kọsẹ̀, Àǹtí."

Tíṣà wo iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìkejìlá nìkan.