Ohùn Tí Kò Gbọdọ̀ Mí Bí Ẹwìrì

Ọ̀gá Adélàjà kò pariwo nígbà tó gbọ́ téèpù tí Olúsànyà gbà bọ̀ láti Ìjẹ̀dè. Ìyẹn gan-an ló ba Olúsànyà lẹ́rù. Ọ̀gá náà, ẹni tó ń gbé àwo orin jáde ní Ìkòròdú, kàn yọ ìgbọ́hùn kúrò létí, ó ní, "Orin ni mo rán ọ lọ gbà, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ lo gbé bọ̀. Bí ti Ẹ̀pẹ́ bá tún mí báyìí, kí o padà sídìí rédíò tí o ń tún ṣe."

Olúsànyà náà ló wá kúnlẹ̀ ní ilé kéwú kan l'Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba ojú fèrèsé wọlé. Téèpù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni àpótí tí wọ́n ń pè ní kọmpírẹ́sọ̀ wà. Ohùn tó bá ga jù ni àpótí náà máa ń tẹ̀ wálẹ̀. Bọ́tìnnì kan ló ń sọ bí yóò ṣe yára tẹ̀ ẹ́ tó. Èkejì ló ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó tú u sílẹ̀.

Ìyá Kúbúrá, olórin wákà, jókòó sídìí makirofóònù. Kúbúrá ọmọ rẹ̀ àti àwọn elégbè dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ní makirofóònù tiwọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ díẹ̀ kí n fi dán an wò."

"Kí n kọ kí ni? Bísímíláì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ orin. Èmi kì í pe orúkọ Ọlọ́run fún ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó kọ ọ́, kí o yáa gbà á. Ọkọ̀ ojú omi Èjìnrìn ò ní dúró dè mí."

Olúsànyà bá bẹ Kúbúrá kó máa ka ení, èjì. Abẹ́rẹ́ ojú àpótí, tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn, ń lọ, ó ń bọ̀ kíákíá, ohùn náà sì mọ́ létí rẹ̀. Àfi bó ṣe rántí. Bó ṣe ṣe é n'Ìjẹ̀dè náà nìyí! Òǹkà kúrú, ó bá ìtúsílẹ̀ kíákíá mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí olórin ibẹ̀ fa ohùn gùn, gbogbo àlàfo kékeré tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni àpótí ń tú ọwọ́ sílẹ̀, tí ariwo afẹ́fẹ́ ń wú sókè, tí ọ̀rọ̀ tó kàn tún ń tẹ̀ ẹ́ rì.

Ó yí bọ́tìnnì ìtúsílẹ̀ dé ìpẹ̀kun. Ó ní kí Kúbúrá ké, kó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Igbe náà kọjá tán, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ náà kò jáde; àpótí kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Bùọ̀dá Olúsànyà," Kúbúrá ní, "ṣé orin lẹ wá gbà ni, àbí ìṣirò lẹ wá kọ́ mi?"

Olúsànyà ṣàlàyé fún Ìyá Kúbúrá bó ṣe mọ̀ ọ́n, pé ohùn tó ń fà gùn bí orin ni òun nílò, kì í ṣe òǹkà. Màmá ronú díẹ̀.

"Ohùn mi lo fẹ́, kì í ṣe àdúrà mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ló bá tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó gbé ìpolówó ẹja tó máa ń tà:

"Ẹja gbígbẹ rèé o-o-o, ẹja ọ̀sà! Ó gbẹ, kò jóná o-o-o!"

Olúsànyà dì mọ́ bọ́tìnnì. Àpótí ń yára tẹ ohùn jù, orí ọ̀rọ̀ ń kú, bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, "gbígbẹ" jáde ketekete. Ó tún dẹ̀ ẹ́, igbe àkọ́kọ́ sì gbá abẹ́rẹ́ dé ojú pupa. Ó dá a padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ti ìtúsílẹ̀, títí abẹ́rẹ́ fi dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rọ̀, tó wá ń rọra padà sílé nígbà tí Màmá bá mí.

Obìnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́.

"Ìyá Kúbúrá, èló lẹja?"

"Rọ̀kíbátù, orin ni mò ń tà lónìí."

"Ta ló ń fi orin se ọbẹ̀?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n rín in tán, Olúsànyà tan téèpù. Màmá ṣe Bísímíláì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fà á, ó gbé e lọ sókè, ó mú un bọ̀ wá sílẹ̀. Olúsànyà kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

L'ọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ téèpù náà parí, ó yí i padà, ó tún gbọ́ ọ.

"Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wà nínú rẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ó jókòó jẹ́jẹ́ sáyè rẹ̀. Kí lo fi dán ohùn wò?"

"Ẹja gbígbẹ ni, sà."

Ọ̀gá Adélàjà dìde. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó téèpù tuntun méjì lé e lọ́wọ́.

"Ọjọ́ Ajé, Ìgbògbò lo ń lọ."