Lẹ́tà Tí Gesche Fi "Ẹ̀yin" Kọ

Ó ti rẹ Gesche Uphoff kó tó jókòó ti lẹ́tà náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe agbẹjọ́rò fún Enno Saathoff, àgbẹ̀ onímàlúù kan lẹ́yìn ìlú Leer nílẹ̀ Jámánì. Nígbà tó di ọdún kẹsàn-án, Enno bu ọtí kékeré fún un nídìí ilé màlúù, ó ní kó yéé pe òun ní ẹ̀yin. Láti ọjọ́ náà, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹni tó bá sì padà sí "ẹ̀yin" lẹ́yìn irú ìyẹn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú nìyẹn.

Ní báyìí, Enno ti pàdánù ẹjọ́ pápá tí màlúù rẹ̀ ń jẹ̀. Oṣù kan péré ni òfin fún un láti pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, Gesche kò sì lè pe ẹjọ́ náà láìgba àṣẹ rẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí i bí ọ̀rẹ́ ṣe ń kọ̀wé: "Enno mi, a ò borí o. Tètè yọjú ká mọ èyí tó kàn."

Enno yọjú lóòótọ́. Ó gbé wàrà wá, ó mu tíì ife mẹ́ta nílé ìdáná Gesche lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó ròyìn ọmọ màlúù tuntun. Nígbà tí Gesche dá ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ló fi dáhùn, ó ní, "Ṣebí o wà níbẹ̀, wàá bá mi yanjú ẹ̀." Gesche tún pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ ń já sí. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́fà.

Ọ̀rẹ́ dùn, àmọ́ kò jẹ́ kí ọkùnrin yìí gbọ́ràn. Gesche bá kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀gbẹ́ni Saathoff tí a bọ̀wọ̀ fún. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ìdájọ́ náà yóò fìdí múlẹ̀." Ó kà á tán, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà dé ọwọ́ Enno ló wá. Ọ́fíìsì ló gbà wọlé, kò dé ilé ìdáná. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó fọwọ́ sí ìwé náà.

Gesche ní, "Enno, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó o máa fi gbọ́ ni. Má bínú. Tíì wà lórí iná."

"Inú ò bí mi," ni Enno fèsì. "Òótọ́ lẹ kọ. Ká ní bíi ti tẹ́lẹ̀ lẹ kọ ọ́ ni, mi ò bá ṣì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ nílé. Ẹ ṣeun, Ìyáàfin Uphoff."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dun Gesche jù. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ sọ pé kí àwọn padà sí bí àwọn ṣe wà, àmọ́ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Enno fi jù ú lọ, àgbà nìkan ló sì ń yọ̀ǹda "ìwọ" níbẹ̀. Ó ní kó dé ilé láyọ̀, ó sì pè é ní ẹ̀yin.