Òpó Àwọn Yòókù

Ọ̀gbẹ́ni Kuramochi, ọ̀gá àyẹ̀wò nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ìkòkò ìrẹsì oníná, a máa fi àwọn òpó tó ń yà sórí ìwé láti fi iye ẹ̀sùn àwọn oníbàárà hàn yangàn bí ẹni tó bí wọn: èyí tó ga jù lápá òsì, kí ìyókù máa relẹ̀ tẹ̀ lé e. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, òpó “àwọn yòókù”, tó ń kó àwọn ẹ̀sùn kéékèèké jọ, tí àyè rẹ̀ sì wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, ga ju gbogbo wọn lọ.

Hatsue, igbákejì rẹ̀, wò ó títí. “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Bí yòókù bá ga tó báyìí, nǹkan kan ló sá sínú rẹ̀.”

Wọ́n tú u. Ẹ̀sùn kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀: ìkòkò tí wọn ò ki wáyà rẹ̀ bọ iná ń sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń béèrè pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ohùn tó máa ń kéde pé ìrẹsì ti jinná ni. Sayoko, ìyàwó Kuramochi, ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú.

“Bí ẹ̀sùn yìí bá ní òpó tirẹ̀ níwájú, ilé iṣẹ́ á pa ohùn náà rẹ́,” ni Kuramochi wí.

“Ẹ̀yin lẹ tì í sínú yòókù, àbí?”

Kuramochi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Tilé yín ńkọ́, ọ̀gá? Ṣé ó ń bá yín sọ̀rọ̀?”

“Rárá o. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jókòó tì í. Àwọn àjèjì ló ń bi léèrè.”

Ó fa rúlà mọ́ra, ó sì ya òpó ohùn ìyàwó rẹ̀ sí ipò kìíní lápá òsì. Òun àti ẹ̀sùn ọmọrí tó ń jò, tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀, nìkan ló kó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀sùn náà.